Síláìdì Yín Kò Ṣeé Kà Lórí Sítátọ́ọ̀sì? Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Ọ́ Di Àwòrán Tó Bá Ojú Fóònù Mu

Ẹ ṣí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp àwọn èèyàn yín wò lónìí, ẹ ó rí irú ẹ̀: àwòrán kan tó dùbúlẹ̀ sáàrin ojú fóònù, òkè ẹ̀ ṣófo, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣófo, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ fẹ́ ká mọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ìpàdé, ó lè jẹ́ ọjà tuntun, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù. Orí PowerPoint ló ti ṣe iṣẹ́ náà, ó sì dáa lójú láptọ́ọ̀pù. Ìgbà tó dé orí fóònù ló dìdàkudà.

Ẹ jẹ́ á fi ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ọlọ́jà kan ṣe àpẹẹrẹ. Akọ̀wé wọn ṣe síláìdì 6 fún ìpàdé ọdún. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni ìkéde owó yíyá, pé ọjọ́ 13 oṣù ni gbígba fọ́ọ̀mù máa parí. Lẹ́yìn ìpàdé, ó fi fóònù ya ojú láptọ́ọ̀pù ní fọ́tò, ó sì gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì fún àwọn tí kò wá. Ìyá kan tó kà á rí 18. Ó dé ní ọjọ́ 16, wọ́n ní ó ti parí.

"Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ 18 síbẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Mà, 13 ni mo kọ."

Àwọn méjèèjì ò parọ́. 13 ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n 3 tó kéré tó sì ti ṣú pọ̀ máa ń jọ 8. Owó tí ìyá yẹn fẹ́ fi ra ọjà wá di ti ọdún tó ń bọ̀.

Kí ló fà á gan-an?

Síláìdì PowerPoint máa ń dùbúlẹ̀, fóònù ní tiẹ̀ máa ń dúró lóòró. Bí ẹ bá ṣí PowerPoint tuntun, síláìdì tó máa fún yín fẹ̀ ní íǹṣì 13.33, gíga ẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 7.5. Bí ẹ bá sọ ọ́ di àwòrán láì yí nǹkan kan padà, ohun tó sábà máa ń jáde ni 1280 sí 720 píksẹ́lì. Píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tí àwòrán orí kọ̀ǹpútà fi ń di odindi.

Sítátọ́ọ̀sì fẹ́ àwòrán tó dúró, tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 1080, tí gíga ẹ̀ sì jẹ́ 1920. Tí àwòrán 1280 sí 720 bá débẹ̀, WhatsApp á fún un pọ̀ títí fífẹ̀ ẹ̀ á fi bá ojú fóònù mu. Gíga ẹ̀ á wá ku nǹkan bíi 607. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ojú fóònù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ìkéde yín ń lò. Ìdá méjì yòókù ṣófo.

Lẹ́tà ló máa ń jìyà ẹ̀ jù. Ojú fóònù kò fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 2.7 lọ. Síláìdì oní-íǹṣì 13.33 máa sún kì nígbà bíi márùn-ún kó tó lè wọ ibẹ̀. Lẹ́tà tí akọ̀wé yẹn kọ ní 24 lórí láptọ́ọ̀pù kò ní tó 5 mọ́ lójú ẹni tó ń kà á. Lẹ́tà inú ìwé ìròyìn tí à ń rà gan-an máa ń tó 8 tàbí 9. Ẹ wá rò ó, ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún, nínú oòrùn ọjà.

Ẹ yí ìwọ̀n síláìdì padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

PowerPoint kì í jẹ́ kí síláìdì tó dùbúlẹ̀ àti èyí tó dúró wà nínú fáìlì kan náà. Tí ẹ bá yí ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ló máa yí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí File, ẹ tẹ Save As, kí ẹ fún fáìlì náà ní orúkọ mìíràn. Èyí tẹ́ ẹ lò nípàdé á wà bó ṣe wà.

Nínú fáìlì tuntun yìí, ẹ tẹ Design, ẹ lọ sápá ọ̀tún, ẹ tẹ Slide Size, lẹ́yìn náà Custom Slide Size. Níbi Width, ẹ kọ 11.25. Níbi Height, ẹ kọ 20. Íǹṣì nìyẹn o. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà ni kọ̀ǹpútà yín ń lò, ẹ kọ 28.58 àti 50.8. Kí ló dé tó jẹ́ iye yìí? PowerPoint orí Windows sábà máa ń ka píksẹ́lì 96 sí íǹṣì kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń sọ síláìdì di àwòrán. 11.25 lọ́nà 96 jẹ́ 1080. 20 lọ́nà 96 jẹ́ 1920. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Tẹ́ ẹ bá tẹ OK, ó lè bi yín bóyá Maximize tàbí Ensure Fit lẹ fẹ́. Ẹ mú Ensure Fit, kí ohunkóhun má bàa bọ́ síta etí síláìdì. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé iṣẹ́ ti parí. Ńṣe ló kàn kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kéré sáàrin. Ẹ̀yin lẹ máa tún un tò.

Gúrúpù àti Facebook kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ju àwòrán gígùn sínú gúrúpù WhatsApp, ó máa ń gé òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ títí ẹni tó fẹ́ kà á fi máa tẹ̀ ẹ́. Fún ibẹ̀, 11.25 sí 11.25 ló dáa, kí ó dọ́gba yíká. Fún Instagram, ẹ lè fi Height sí 14.06, ìyẹn 1080 sí 1350 píksẹ́lì.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ tò, ẹ má kàn fẹ̀ ẹ́

Síláìdì tuntun yìí fẹ̀ ní íǹṣì 11.25, nítorí náà fóònù á fún un kì nígbà bíi mẹ́rin. Ẹ fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n: lẹ́tà 40 á dà bíi 10 lójú òǹkàwé. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà kankan kéré ju 40 lọ. Ọjọ́ àti iye owó lè tó 100.

Ìyẹn ló fà á tí ọ̀rọ̀ síláìdì kan kì í fi í gba orí àwòrán kan. Ìkéde owó yíyá tí à ń wí yìí ní ìlà 8. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́: "Fọ́ọ̀mù owó yíyá, ó parí ní ọjọ́ 13", pẹ̀lú 13 gàgàrà láàrin. Ìkejì: ohun tí èèyàn máa mú dání. Ìkẹta: ibi tí wọ́n ti ń gbà á àti aago tí wọ́n ń ṣí. Sítátọ́ọ̀sì máa ń fi wọ́n hàn tẹ̀lé ara wọn, ẹni tó bá sì wo àkọ́kọ́ nìkan ti gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, bí íǹṣì 2.5 lápá kọ̀ọ̀kan. Orúkọ yín máa wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán, ibi tí wọ́n ti ń fèsì á sì wà nísàlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀, wọ́n á bò ó.

Ẹ ṣọ́ àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pẹ̀lú. Àmì tó wà lábẹ́ ọ ló ya ọwọ́ sọ́tọ̀ sí owó. Tí lẹ́tà bá tín-ín-rín, àmì yẹn ló kọ́kọ́ máa ń pòórá. Ẹ lo lẹ́tà tó nípọn, dúdú lórí funfun tàbí funfun lórí aláwọ̀ dúdú. Pupa lórí dúdú tàbí lórí búlúù máa ń ṣú pọ̀ bí WhatsApp bá ti fún àwòrán náà pọ̀.

Àwọn tó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan lórí síláìdì, ẹ kíyè sí i: àwòrán ò mọ ìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ló máa hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá to ọ̀rọ̀ méjì sórí ara wọn, wọ́n á bo ara wọn.

Gbígbé e jáde

Ẹ lọ sí File, Save As, kí ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ kó o sí. Níbi Save as type, ẹ yan PNG. Ẹ má yan JPEG fún ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀, torí ó máa ń fi ìdọ̀tí kéékèèké sí etí lẹ́tà. Ó máa bi yín bóyá All Slides tàbí Just This One. Tó bá jẹ́ All Slides, ó máa ṣí fódà kan tó ń jẹ́ orúkọ fáìlì yín, á sì to àwọn àwòrán náà síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí Mac, File àti Export ni, ẹ sì lè kọ fífẹ̀ àti gíga síbẹ̀ fúnra yín. Orí Google Slides, File, Download, PNG image ni, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e jáde.

Láti ìgbà yìí lọ, lẹ́tà ti di àwòrán. Kò sí fóònù tó máa sọ àmì ohùn yín di àpótí kéékèèké mọ́, bó ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá fi fáìlì PowerPoint ránṣẹ́ síbi tí fọ́ǹtì yín kò sí.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àwòrán náà ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp láti láptọ́ọ̀pù, kí wọ́n tó gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì. WhatsApp á fún un pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, á tún fún un pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gbé e síta. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. Ẹ lo okùn USB, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò. Document kì í jẹ́ kó yí padà.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ ṣe ìdánwò méjì. Lórí Windows, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máósì tẹ àwòrán náà, ẹ lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Details. Tí ẹ bá rí 1080 sí 1920, ó ti tọ́. Tó bá jẹ́ 1280 sí 720, a jẹ́ pé ẹ kò tíì yí ìwọ̀n síláìdì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i lórí fóònù, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù, kí ẹ gbé e fún ẹnì kan tó máa ń lo awò ojú, kó má lo awò náà. Ẹ ní kó ka ọjọ́ inú ẹ̀ fún yín. Tó bá ka 18 dípò 13, ẹ padà sídìí láptọ́ọ̀pù.