Ọ̀pá Tí A Gé Ní Ìdí

Nígbà kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí í ṣe akọ̀wé ilé-ìkàwé mú ìjábọ̀ rẹ̀ wá fún mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ní sáà náà, Kíláàsì Kejì yá ìwé 92, Kíláàsì Kẹta yá 95, Kíláàsì Kẹrin sì yá 98. Ó wá ya ọ̀pá mẹ́ta sí abẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ti Kíláàsì Kẹrin ga fíofío, ti Kíláàsì Kejì sì rí kúkúrú bíńtín. Àwọn tí ó ti rí àwòrán náà ti ń sọ pé kí a má ra ìwé fún Kíláàsì Kejì mọ́, nítorí pé ọ̀lẹ ni wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò purọ́. Gbogbo iye tí ó kọ ni ó tọ́. Níbo wá ni àṣìṣe wà? Ìlà òòró tí ó wà lápá òsì, èyí tí a fi ń wọn gíga ọ̀pá, ni ó ṣì yà. 90 ni ó kọ sí ìdí rẹ̀, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún ìwé kan. Nítorí náà, ọ̀pá 92 ga ní sẹ̀ǹtímítà 2, ti 98 sì ga ní 8. Gígùn ni ojú fi ń fi ọ̀pá wé ọ̀pá; ó rí ìlọ́po mẹ́rin níbi tí ìyàtọ̀ kò ju ìwé mẹ́fà lọ. Mo ní kí ó fi òdo sí ìdí, kí sẹ̀ǹtímítà kan sì dúró fún ìwé mẹ́wàá. Gíga wọn wá di 9.2, 9.5 àti 9.8. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ parí níbẹ̀.

Ó tún ti kọ àlàyé sínú àpótí kékeré kan ní igun ìwé, pé pupa ni ti kíláàsì báyìí, pé ewé ni ti báyìí. Ẹni tí ń kà á yóò máa wo igun, yóò máa wo ọ̀pá, títí ọrùn yóò fi máa ro ó. Bí a bá sì fi yíǹkì dúdú nìkan tẹ̀ ẹ́, kí ni àwọ̀ yóò sọ? Mo ní kí ó pa àpótí náà rẹ́, kí ó kọ orúkọ kíláàsì sí abẹ́ ọ̀pá rẹ̀, kí ó sì kọ iye ìwé sí orí rẹ̀. Bí ó bá ṣe ìlà ni a yà, ìparí rẹ̀ lápá ọ̀tún ni a ó kọ orúkọ sí.

Ṣùgbọ́n òfin òdo kò de àwòrán ìlà bí ó ti de ọ̀pá, nítorí pé gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ìlà ni ojú ń wò. Ooru ara ẹni tí ara rẹ̀ le jẹ́ nǹkan bí dígírì 37. Bí ó bá di 39, ibà dé nìyẹn. Bí a bá fi òdo bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n yìí, ìlà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, ibà yóò sì fara pamọ́. Ó tọ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti 35, bí a bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Àlàfo ọjọ́ ni kí ẹ ṣọ́: bí a kò bá wọn ooru láti ọjọ́ kejì títí di ọjọ́ kẹfà, àlàfo ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ọjọ́ kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibà tí ó fi ọjọ́ mẹ́rin rọlẹ̀ yóò dà bí èyí tí ó lọ lóòjọ́.