Ẹ̀wà, Ilá àti Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ni a ti sọ fún pé kí ó máa jẹ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwo ẹlòmíràn: gààrí ti bo ẹ̀wà mọ́lẹ̀!

Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀wà, ilá àti ọ́ọ̀tì ni àwọn okùn tín-ín-rín tí ikùn ènìyàn kò lè dà. Bí ilá ṣe ń yọ̀ nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni apá kan nínú okùn yìí ṣe ń ki nínú ìfun, kò sì jẹ́ kí ṣúgà tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń fà á sẹ́yìn ni, kò pa á run. Nítorí náà, ọbẹ̀ ilá kò lè gba ẹni tí ó fi jẹ ẹ̀bà ràbàtà.

Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà lè dán an wò. Kí ó wọn ọ́n, kí ó jẹ ẹ̀wà láìsí gààrí, kí ó sì tún wọn ọ́n lẹ́yìn wákàtí 2. Lọ́jọ́ kejì, kí ó bu ìwọ̀n ẹ̀wà kan náà, kí ó fi gààrí sí i. Fún ọ̀pọ̀ àgbà alátọ̀gbẹ, kò yẹ kí ó kọjá 180 (10 lórí ẹ̀rọ mìíràn).

Kí ẹni tí inú rẹ̀ máa ń kún fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ẹ̀wà pa oògùn tì. Bí alóògùn bá sì ń gbọ̀n, tí ó ń làágùn, tí ẹ̀rọ fi hàn pé ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹ̀wà ti pẹ́ jù fún un. Omi tí a po ṣúgà sí ni kí ó mu, bí ó bá ṣì lè gbé e mì.