Ṣé Ehoro Yìí Sanra Ni, àbí Ó Rù? Ohun Tí Fọ́tò Lè Sọ

Ehoro tó bá ká ara jọ jókòó, tó fa ẹsẹ̀ sábẹ́, máa ń rí roboto nínú fọ́tò, kódà bí ó bá ti rù kan egungun. Ìdí nìyí tí èsì fi máa ń ta kora nígbà tí ẹnì kan bá fi fọ́tò ehoro rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ lórí Wáásáàpù. Ọ̀kan á ní ó ti sanra jù, òmíràn á ní ebi ló ń pa á. Irun ni àwọn méjèèjì ń wò. Fọ́tò wúlò púpọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ó ní bí a ṣe ń yà á, ó sì ní ibi tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ.

Orí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbé ehoro náà sí, nítorí pé táìlì tó ń yọ̀ máa ń dẹ́rù bà á, á sì ká ara jọ. Ẹ na ewé kan tó fẹ́ràn síwájú rẹ̀ díẹ̀, kí ó lè na ọrùn àti ẹ̀yìn. Ẹ ya fọ́tò kìíní láti òkè tààrà, kí fóònù wà lókè ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Fún ìkejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí fóònù á fi bá ikùn rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ sì yà á láti ẹ̀gbẹ́. Ìkẹta, ẹ yà á láti ẹ̀yìn, kí ìdí rẹ̀ hàn dáadáa. Ẹ pa fíláàṣì, nítorí ó máa ń bo òjìji mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ́ kí egungun hàn. Bí irun rẹ̀ bá gùn, ẹ fi ọwọ́ pa á mọ́ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹ tó ya fọ́tò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da omi sí i lára kí irun lè lẹ̀. Òtútù àti ìpayà lè ṣekú pa ehoro.

Fọ́tò òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ̀yìn ni kí ojú yín sì wà, kì í ṣe ikùn. Ehoro tí ara rẹ̀ dá tẹ́ẹ́rẹ́ ní èjìká, ó sì ń fẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìbàdí, láìsí ibi tó yọ gọngọ. Bí ó bá rù, ẹ ó rí ìlà kan tó yọ sókè láàárín ẹ̀yìn, àti gọngọ méjì níbi egungun ìbàdí. Bí ó bá sanra jù, ẹ̀yìn á tẹ́ pẹrẹsẹ, èjìká á fẹ̀ tó ìbàdí, ọrùn kò sì ní hàn mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo fọ́tò ìdí. Ti ehoro tó wà déédéé máa ń tẹ́, ti èyí tó rù á jin wọnú, ti èyí tó sanra jù á wú jáde. Ẹ má jẹ́ kí awọ tó ṣù sábẹ́ àgbọ̀n abo ehoro tàn yín jẹ. Ọ̀pọ̀ abo ló ní in láìsanra rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Abo ehoro funfun kan, irú Niu Sílándì, ọmọ ọdún mẹ́ta. Nínú fọ́tò ẹ̀gbẹ́, ikùn rẹ̀ tóbi, ó rọ̀ sílẹ̀, olówó rẹ̀ sì ti fẹ́ máa dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n fọ́tò òkè sọ ọ̀rọ̀ mìíràn: ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ín-rín, egungun ìbàdí yọ, ikùn nìkan ló yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìdí rẹ̀ jin wọnú. Ohun kan tún wà tí ojú tètè máa ń fò: irun abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tutù, ó sì lẹ̀ mọ́ra. Ehoro yìí rù, ikùn rẹ̀ ló tóbi. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí síkéèlì, kílò 3.4 ni, bẹ́ẹ̀ kílò 4.2 ni tẹ́lẹ̀. Ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ara rẹ̀.

Itọ́ abẹ́ àgbọ̀n yẹn ló tọ́ka sí eyín. Eyín ehoro kì í yé hù títí ayé rẹ̀, koríko tó ń jẹ ló ń lọ̀ ọ́ kù. Bí koríko bá kéré, eyín tó wà nínú lọ́hùn-ún lè hù ṣónṣó, kí ó máa gún ahọ́n tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ebi á máa pa ehoro, á sún mọ́ oúnjẹ, á sì tún fi í sílẹ̀. Ojú lásán kò lè rí eyín wọ̀nyí. Dókítà ẹranko ló ń fi irinṣẹ́ wò wọ́n, òun náà ló ń gé wọn lẹ́yìn tó bá ti fún ehoro ní oògùn oorun. Ká ní olówó rẹ̀ dín oúnjẹ kù bó ṣe fẹ́ ni, ìyẹn ì bá pa á. Ikùn ńlá lè jẹ́ oyún pẹ̀lú, tàbí afẹ́fẹ́ tó kún inú. Bí ikùn bá ṣàdédé wú, tí ehoro kò sì jẹun mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nítorí náà, ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ parí ohun tí fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka rọra tọ egungun ìhà àti ti ẹ̀yìn. Bí ó bá dà bíi bíírò tó wà nínú àpò aṣọ, tí ẹ mọ̀ ọ́n lára láìtẹ̀ ẹ́, tí kò sì gún yín lọ́wọ́, ó wà déédéé. Bí ó bá mú lọ́wọ́, ó rù. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n, ọ̀rá ti pọ̀ jù. Ìwọ̀n nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí pé ehoro kan wà tí kì í ju kílò kan lọ bó bá dàgbà tán, òmíràn sì ń ju kílò mẹ́fà lọ.

Ti gínì-píìgì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní ìbàdí tó ń hàn. Gbọọrọ ni ara rẹ̀ rí láti èjìká dé ìdí, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe gínì-píìgì tí ara rẹ̀ dá ní alára jíjù. Ẹ wò ó bóyá orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ, tàbí egungun ìbàdí yọ: àmì rírù nìyẹn. Bí ikùn bá ń wọ́lẹ̀ nígbà tó ń rìn, ó ti sanra jù. Bí abo bá wú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí irun sì ń já níbẹ̀, ó lè jẹ́ kókó olómi nínú ilé ẹyin, kì í ṣe ọ̀rá. Èyí tó ti dàgbà sábà máa ń wà láàárín 700 sí 1,200 gíráàmù, síkéèlì ilé ìdáná sì tó láti wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí 50 gíráàmù bá dín lọ́sẹ̀ kan, ẹ fura.

Bí fọ́tò, ọwọ́ àti síkéèlì bá jọ fi hàn pé ehoro ti sanra jù, ẹ tún wo ìdí rẹ̀. Ehoro tó sanra jù kì í lè na ẹnu dé ìdí rẹ̀ láti jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tó máa ń jẹ padà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Eṣinṣin á yé ẹyin síbẹ̀, ìdin á sì jáde láàárín ọjọ́ kan. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe fi ebi pa á, nítorí pé ehoro sísanra tí ebi bá pa lójijì, ọ̀rá á ya wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè kú. Koríko gbígbẹ kò gbọ́dọ̀ tán níwájú rẹ̀. Oúnjẹ oníkóró tí wọ́n ń tà nínú àpò ni kí ẹ dín kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí kò fi ní ju gíráàmù 25 lọ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Lóṣooṣù, ẹ tún ya fọ́tò mẹ́ta náà lórí ẹní kan náà, láti ibi kan náà, ní àkókò kan náà lójúmọ́, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́ wọn.