Jẹntamaísìn: Kí Nìdí Tí Ẹ̀ẹ̀kan Lójúmọ́ Fi Sàn Ju Ẹ̀ẹ̀mẹta Lọ?

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó wọn kílò 60, tí kòkòrò bakitéríà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Jẹntamaísìn, ọ̀kan lára ìdílé àmínógíláíkósáìdì, ni wọ́n fẹ́ gún un: mílígíráàmù 300 lójúmọ́. Ṣé kí wọ́n pín in sí 100 ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ ni, àbí kí wọ́n fún un ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Nínú ara rẹ̀, oògùn yìí máa tàn ká inú omi tó tó lítà 15. Abẹ́rẹ́ 300 á gbé e dé mílígíráàmù 20 nínú lítà kan. Abẹ́rẹ́ 100 kò ní kọjá 7. Ká ní 2 ló tó láti dá kòkòrò náà dúró. Bí oògùn yìí bá ṣe ga tó ló ṣe ń pa kòkòrò tó, torí pé ríbósómù ni ó ń dì mọ́, tí kòkòrò á fi máa ṣe purotéènì tó wọ́. Ìlọ́po mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni a ń wá. Ogún kájú ẹ̀. Méje kò kájú ẹ̀. Kódà lẹ́yìn tí oògùn bá ti lọ sílẹ̀, àwọn tó kù kì í tètè gbérí.

Ṣé kíndìnrín á wá lè fara dà á? Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá tín-ín-rín rẹ̀ ń gba oògùn wọlé nípasẹ̀ mẹgalínì. Mẹgalínì dà bí dánfó tó ti kún: èrò ibùdókọ̀ ì báà pọ̀ tó, kò lè gbà ju àyè rẹ̀ lọ. Nítorí náà, gíga oògùn kọ́ ni ewu tó pọ̀ jù, bí kò ṣe pípẹ́ rẹ̀. Bí kíndìnrín bá dá ṣáká, oògùn ń dín sí ìdajì ní nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Kí ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, sẹ́ẹ̀lì sì ti sinmi. Bí kíndìnrín bá ti ṣàìsàn, tí ìdajì náà ń gba wákàtí 10, nǹkan bíi 4 ló máa ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí 24. Kò yẹ kó ju 1 lọ. Ẹ sún abẹ́rẹ́ tó kàn síwájú.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún sí méje ni kiriatínínì sábà máa ń gòkè. Ìtọ̀ ṣì lè máa ṣàn dáadáa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀pọ̀ ìtọ̀ tan ara rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè dá oògùn dúró, kíndìnrín sábà máa ń bọ̀ sípò.

Etí kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì onírun inú etí tó bá kú kì í hù mọ́. Ohùn tó ga fíofío ló kọ́kọ́ ń sọnù, torí náà aláìsàn ṣì lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó má mọ̀. Òòyì àti ẹsẹ̀ tí kò dúró déédéé nínú òkùnkùn tún jẹ́ àmì. Bí ìdílé ìyá bá ní àyípadà jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní 1555A>G, ìwọ̀n tó tọ́ pàápàá lè di ẹni náà létí. Ẹ béèrè, kí ẹ tó gún un, bóyá abẹ́rẹ́ báyìí ti di ẹnikẹ́ni létí rí nílé ìyá rẹ̀.