Ẹ̀rí Lẹ́nu Oníbàárà: Bí Aránṣọ Ṣe Lè Béèrè Láìtijú

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyá kan tí mo rán ìró àti bùbá léèsì fún pè mí lórí fóònù. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun o! Ìyàwó àbúrò mi di apá aṣọ yẹn mú, ó ní kí n yí padà kóun rí ẹ̀yìn ẹ̀, ó wá ń bi mí pé ta ló rán an." Inú mi dùn gan-an. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà, Ọlọ́run lọpẹ́ yẹ," mo sì pa fóònù. Ìgbà tí mo padà jókòó sídìí ẹ̀rọ ni mo tó rí i pé ẹ̀rí tó dára jù lọ ti gba etí mi kọjá.

Ohun tó ń dá ojú tì wá ni pé a rò pé a ń tọrọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ti sọ ọ́ kí n tó béèrè. Ohun tó kù ò ju kí n ní kó jẹ́ kí ẹlòmíì náà gbọ́.

Ọjọ́ tí oníbàárà wá gba aṣọ kọ́ ló yẹ ká béèrè. Kò tíì wọ̀ ọ́ ròde, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ lásán ló máa sọ. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn òde ló dáa. Tí kò bá pè, ẹ pè é: "Ẹ kú ìnáwó o, mà. Ṣé aṣọ náà rọ̀ yín lọ́rùn títí òde fi parí?" Bó bá fa ohùn pé "ó dáa náà," ó ṣeé ṣe kí abíyá ti fún un. Ẹ ní kó gbé e wá kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ò tíì yá. Bí owó bá ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó san án tán ná, kó má baà rò pé ẹ fẹ́ fi gbèsè mú òun.

Mo pe ìyá náà padà lọ́jọ́ kejì. Mi ò sọ pé kó bá mi sọ nǹkan dáadáa. Mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù kó tó gbé aṣọ wá, kí ló sì rí lẹ́yìn náà. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù: "Aránṣọ tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ òde ló gbé aṣọ mi dé, píìnì ṣì wà lára ẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Èyí ní Ọjọ́rú lòun máa fún mi, Ọjọ́rú náà ni mo gbà á."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo ju "iṣẹ́ rẹ̀ dára" lọ. Gbogbo obìnrin tí aránṣọ ti já kulẹ̀ rí ló máa tẹ́tí sí i. Mi ò gé e, mi ò sì bá a fi kún un. Mo bi í bóyá mo lè jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ, àti bóyá mo lè fi fọ́tò tì í. Ó ní kí n lo ohùn, ṣùgbọ́n kí n gé orí kúrò nínú fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Mi ò da ọ̀rọ̀ kí ó júwe mi fún ẹlòmíì pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rí. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó dá a sílẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín" kì í so èso. "Màá sọ" ni wọ́n máa dáhùn, wọ́n á sì gbàgbé. Ẹnì kan pàtó ni mo béèrè: "Mà, ìyàwó àbúrò yín tó di apá aṣọ yẹn mú, ṣé ẹ rò pé á fẹ́ kí n rán tirẹ̀? Màá kọ ìlà méjì ránṣẹ́ sí yín tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá rọrùn, kò sí wàhálà rárá." Mi ò gba nọ́ńbà obìnrin náà, torí kò tíì ní kí n pe òun. Bó bá wù ú, òun ló máa pè.

Èmi ò sì jẹ́ béèrè irú èyí nígbà tí iṣẹ́ bá ti kún ilé, bíi lóṣù Kejìlá. Bí mo bá já ẹni tí wọ́n júwe mi fún kulẹ̀, ẹni tó júwe mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bú.

Ìyàwó àbúrò náà pè, ó sì gbé léèsì tirẹ̀ wá. Lọ́jọ́ tó gba aṣọ tán, ìyá yẹn ni mo kọ́kọ́ pè: "Mà, Ọjọ́bọ̀ tí mo dá fún un náà ló gbà á. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ẹnu yín dúró fún mi."