Òjò Tó Ń Jẹ Òkúta, Tó Ń Sọ Ilẹ̀ Di Aláìlókun

Ní ọdún 1963, Gene Likens, Herbert Bormann àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí nínú igbó Hubbard Brook, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Igbó náà jìnnà sí ilé iṣẹ́ ńláńlá, síbẹ̀ òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ kan gan-an. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí iye rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó; bí ó bá sì fi ẹyọ kan lọ sílẹ̀, kíkan náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Òjò tí èéfín kò bà jẹ́ máa ń wà nítòsí 5.6. Ti Hubbard Brook wà nítòsí 4.

Ọ̀nà jíjìn ni ásíìdì yẹn ti wá. Ní àfonífojì odò Ohio, àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná ń sun èédú ilẹ̀ tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí èédú bá ń jó, imí ọjọ́ inú rẹ̀ á dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, á di gáàsì, á sì gba ojú símínì jáde. Wọ́n ti kọ́ símínì wọ̀nyí ga fíofío kí èéfín má baà pa àwọn tó wà nítòsí lára, ṣùgbọ́n gíga náà ló jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Nínú ìkùukùu, gáàsì yìí á pàdé omi, á di ásíìdì kan náà tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, àmọ́ tí omi ti là púpọ̀púpọ̀. Èéfín ọkọ̀ àti ti iná ìléru náà ń gbé gáàsì náítírójìn jáde, èyí tó ń di ásíìdì mìíràn nínú òjò kan náà.

Ilé tí wọ́n fi òkúta ẹfun tàbí mábù kọ́ ni òjò yìí ń bá jà jù. Kálísíọ́mù ló wà nínú òkúta méjèèjì. Ásíìdì á sọ ojú òkúta di jípúsọ́mù, tí omi lè yọ́. Níbi tí òjò ti ń kàn án ní tààrà, ó ń ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀ títí ojú ère á fi parẹ́. Lábẹ́ ìbòjì tí òjò kò dé, jípúsọ́mù náà á mú èérí èéfín mọ́ra, á di èépá dúdú, á sì máa ṣí pẹ̀lú òkúta tó lẹ̀ mọ́.

Kálísíọ́mù náà ni ilẹ̀ ń pàdánù. Ó máa ń so mọ́ èérún iyẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń gbà á. Ásíìdì á lé e kúrò níbẹ̀, omi á sì gbé e lọ sínú odò. Bó bá ti tán, alumíníọ́mù tó ti há sínú iyẹ̀pẹ̀ á yọ́, á máa ṣe gbòǹgbò níṣẹ́, á sì ba ìjàgbọ̀n ẹja jẹ́ nígbà tó bá dé odò. Ilẹ̀ tó ní òkúta ẹfun nísàlẹ̀ lè fara dà á pẹ́. Èyí tó fẹ́lẹ́ lórí àpáta líle kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1990, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fi òdiwọ̀n sí iye gáàsì imí ọjọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná lè tú jáde. Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà. Àwọn kan fi èédú Ohio sílẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó èédú tí imí ọjọ́ rẹ̀ kéré láti Wyoming. Àwọn mìíràn ń fọ èéfín wọn. Wọ́n á lọ òkúta ẹfun kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á máa fọ́n ọn láti òkè ilé ìfọ̀ gíga kan bí èéfín ti ń gòkè bọ̀. Òkúta náà á gba gáàsì mú. Bí wọ́n bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á di jípúsọ́mù, tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ògiri ilé. Ẹ̀rọ tó dára ń mú ju 90 lọ nínú 100 gáàsì náà. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná, ó ń mu omi, kì í sì í mú gáàsì náítírójìn. Ìyẹn ní ẹ̀rọ tirẹ̀.

Gáàsì imí ọjọ́ láti ilé iṣẹ́ mànàmáná Amẹ́ríkà ti fi ju 90 lọ nínú 100 dín kù sí ti 1990, kíkan òjò Hubbard Brook sì rọlẹ̀. Àmọ́ kálísíọ́mù tó ti ṣàn lọ kò padà. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ fi hẹlikópítà da òkúta tó ní kálísíọ́mù sórí apá kan igbó náà. Láàárín ọdún mélòó kan, igi ibẹ̀ ń dàgbà ju ti apá tí wọn kò fi nǹkan kan sí lọ.

Tiwa nílẹ̀ Yorùbá kọ́ ni èédú. Dísù inú jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù ni. ECOWAS ti fẹnu kò pé láti 2021, imí ọjọ́ inú epo tí a ń kó wọlé kò gbọdọ̀ ju 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Kí àwọn tó ń ṣọ́ èbúté wa máa yẹ epo kọ̀ọ̀kan wò kí ọkọ̀ tó já a sílẹ̀. Imí ọjọ́ ṣeé yọ kúrò nínú epo. Ẹnikẹ́ni kò lè yọ ọ́ kúrò nínú òjò.