Máàkì Iṣẹ́ àti Àfikún Owó Oṣù

Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìgbésẹ̀ kan lórí àtẹ owó oṣù ni àfikún ọdọọdún. Ẹni tí ó tayọ kò gbà ju ẹni tí ó kàn ṣe dáadáa lọ. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí àwọn ará Arepo ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, máàkì tí ọ̀gá bá kọ ní ìparí ọdún ni ó ń sọ iye àfikún.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ti máa ń pinnu àpapọ̀ owó tí yóò pín ṣáájú. Bí a bá mú òṣìṣẹ́ 10, tí oníkálukú ń gba ₦100,000 lóṣù, kí àpapọ̀ àfikún wọn jẹ́ ₦50,000 lóṣù. Ẹni tí ó tayọ yóò gba ìpín méjì, ẹni tí ó ṣe dáadáa yóò gba ẹyọ kan, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó kò ní gba nǹkan. Bí 2 bá tayọ, tí 6 ṣe dáadáa, tí 2 sì kù díẹ̀ káàtó, ìpín 10 ni owó náà. Ẹni tí ó ṣe dáadáa gba ₦5,000, èyí tí í ṣe ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀; ẹni tí ó tayọ gba ₦10,000.

Ká ní ọ̀gá kò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí ó kọ “ó tayọ” fún gbogbo wọn ńkọ́? Owó náà di ìpín 20, oníkálukú sì gba ₦5,000, àti ọ̀lẹ àti akíkanjú. Àdánù akíkanjú kì í sì í ṣe ti oṣù kan, nítorí orí owó oṣù tuntun yìí ni a ó ti ka ìdá ti ọdún tí ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ tí máàkì rẹ̀ ga tí àfikún rẹ̀ sì kéré lè béèrè iye ènìyàn tí ó gba irú máàkì bẹ́ẹ̀.